Bí fóònù yín àti báńkì ṣe ń fẹnu kò lórí àṣírí lójú olè

Ẹ ṣí ìkànnì báńkì yín lórí fóònù, ẹ tẹ páásíwọ̀ọ̀dù, ẹ sì tẹ iye owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ yẹn kò ní ojú ọ̀nà kan tó jẹ́ ti ẹ̀yin àti báńkì nìkan. Ó ń gba inú ẹ̀rọ Wáífáì ibi tí ẹ jókòó sí, ó ń gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín, ó sì tún ń gba inú ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ̀ rí kí ó tó gúnlẹ̀ sí báńkì. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ yìí bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lè da gbogbo ohun tó ń kọjá kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, kò ní rí páásíwọ̀ọ̀dù yín kà.

Sísọ ọ̀rọ̀ di àdììtú kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn ọba àti àwọn ológun ti ń ṣe é láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ìnira kan wà tí kò kúrò níbẹ̀: kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi tì í náà ni wọ́n fi ń ṣí i. Nítorí náà, ẹni méjì tó bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fojú kojú kí wọ́n lè jọ mú kọ́kọ́rọ́ kan, tàbí kí wọ́n fi í rán ẹni tí wọ́n fọkàn tán. Ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà báńkì kò pàdé rí. Bí báńkì bá sì fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ránṣẹ́ sí yín lórí ìntánẹ́ẹ̀tì, ojú ọ̀nà tí olè lúgọ sí náà ni yóò gbà, olè á sì ṣe ẹ̀dà tirẹ̀. Báwo wá ni àjèjì méjì ṣe lè fẹnu kò lórí àṣírí nígbà tí olè ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn?

Ọdún 1976 ni Whitfield Diffie àti Martin Hellman, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Stanford, gbé ìwé jáde tí wọ́n fi hàn pé kò pọn dandan kí kọ́kọ́rọ́ tó ń tì àti èyí tó ń ṣí jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT rí ìṣirò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, òun sì ni wọ́n ń pè ní RSA títí di òní. Nígbà tó di 1997, ìjọba Bìrìtéènì ṣí i payá pé Clifford Cocks, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ amí wọn, ti rí irú ìṣirò yìí láti 1973, wọ́n kàn pa á mọ́ ni.

Ohun tí wọ́n rí nìyí: kọ́kọ́rọ́ di méjì. Ẹ fi ojú inú wo báńkì kan tó pín àgádágodo tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tó sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó ń ṣí wọn sínú ilé. Ẹnikẹ́ni lè fi ìwé sínú àpótí kí ó fi àgádágodo yẹn tì í pa. Ẹni tó tì í pa gan-an kò lè ṣí i mọ́. Àgádágodo náà ni à ń pè ní kọ́kọ́rọ́ gbangba, kọ́kọ́rọ́ inú ilé sì ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Olè lè mú àgádágodo lọ sílé, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀sán-tòru, kò sọ ọ́ di ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n orí ìntánẹ́ẹ̀tì kò ní irin, nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti máa ń dúró, tí wọ́n á ní kí ẹ kàn gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ kàn gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìṣirò náà kò kọjá ohun tí ẹ lè fi bírò ṣe.

Báńkì mú nọ́ńbà méjì tí kò sí ohun tó lè pín wọn dọ́gba àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Ó mú 2 àti 11. Ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó di 22. Lẹ́yìn náà ó yọ 1 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ku 1 àti 10, ó sì sọ àwọn wọ̀nyẹn náà di púpọ̀, ó di 10. Ó wá wá nọ́ńbà méjì mìíràn tó jẹ́ pé bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, tí a sì fi 10 pín in, 1 ni yóò ṣẹ́kù. 3 àti 7 bá a mu, nítorí 3 lọ́nà 7 jẹ́ 21. Báńkì kéde 22 àti 3 fún gbogbo ayé: kọ́kọ́rọ́ gbangba nìyẹn. Ó gbé 7 pamọ́: kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà 2, 11 àti 10 tó fi ṣe iṣẹ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn.

Ẹ fẹ́ fi nọ́ńbà 8 ránṣẹ́ sí báńkì. Nọ́ńbà 3 tó kéde ń sọ fún yín pé kí ẹ kọ 8 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀. Nọ́ńbà 22 sì ń sọ fún yín pé bí èsì bá ti dé 22 tàbí tó lé, kí ẹ máa yọ 22 kúrò títí ohun tó ṣẹ́kù yóò fi kéré sí i. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. Ẹ yọ 22 lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 20. 20 lọ́nà 8 jẹ́ 160. Ẹ yọ 22 lẹ́ẹ̀meje, ó ku 6. Ẹ fi 6 ránṣẹ́. Olè tó lúgọ sójú ọ̀nà rí 6, ó sì mọ̀ pé 22 àti 3 ni ẹ lò, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Báńkì gba 6, ó sì ṣe bákan náà, ṣùgbọ́n 7 tó gbé pamọ́ ni òun lò. 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36, ó ku 14. 14 lọ́nà 6 jẹ́ 84, ó ku 18. 18 lọ́nà 6 jẹ́ 108, ó ku 20. 20 lọ́nà 6 jẹ́ 120, ó ku 10. 10 lọ́nà 6 jẹ́ 60, ó ku 16. 16 lọ́nà 6 jẹ́ 96, ẹ yọ 22 lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ku 8. Bí ẹ bá kà á, 6 ti wọlé lẹ́ẹ̀meje. Nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ ni 8, òun náà ló sì jáde lọ́wọ́ báńkì. Kò sẹ́ni tó fi 7 ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Yíyọ 22 tí à ń yọ lemọ́lemọ́ yìí ló ń da olè láàmú. Ká ní a kò yọ nǹkan kan ni, 512 ni olè ì bá rí, á sì tètè mọ̀ pé 8 ni a sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n 6 tó rí kò sọ fún un iye ìgbà tí a ti yọ 22, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ tó lè tọ̀ padà sẹ́yìn.

Ọ̀nà kan ṣì wà fún un o. Bí ó bá lè tú 22 sí 2 àti 11, òun náà á yọ 1 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dé 10, á sì rí i pé 7 ni 3 ń wá. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè tú 22. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà tí báńkì ń lò ní tòótọ́ fi máa ń gùn gan-an: kọ́kọ́rọ́ RSA tó wọ́pọ̀ lónìí jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àmì òǹkà 617 fi wà nínú rẹ̀. Láti sọ nọ́ńbà ńlá méjì di púpọ̀, kọ̀ǹpútà kò ní fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe é. Láti tú èsì rẹ̀ padà sí méjì, iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ìṣirò kan tú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kan tó gùn tó 250. Bó bá ṣe pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é ni, ì bá gbà á tó nǹkan bí 2,700 ọdún. Ìṣòro náà kì í sì í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí nọ́ńbà ti ń gùn, ńṣe ló ń fò sókè. Kò sí ẹni tó tíì fi hàn ní gbangba pé òun tú èyí tó gùn tó 617.

Òtítọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí n sọ. Kò sẹ́ni tó tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀nà kíákíá kò sí rárá láti tú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn ọlọ́pọlọ pípé ti ń wá a láti bíi 50 ọdún lórí kọ̀ǹpútà tí a mọ̀, wọn kò sì rí i. Fún kọ̀ǹpútà kùáńtọ́ọ̀mù, irú ẹ̀rọ mìíràn tí kì í ṣiṣẹ́ bí èyí tí a mọ̀, onímọ̀ ìṣirò Peter Shor ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn láti 1994. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó lágbára tó láti ṣe iṣẹ́ yẹn ni kò tíì sí, a sì ti ń pààrọ̀ ìṣirò tí a ń lò ṣáájú kí ó tó dé.

Ẹni tó bá lákìíyèsí lè rí ihò kan nínú ohun tí mo ṣe lókè yìí. Nọ́ńbà àṣírí káàdì yín jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin, àpapọ̀ gbogbo èyí tó lè jẹ́ kò sì ju 10,000 lọ. Kọ́kọ́rọ́ gbangba wà lọ́wọ́ olè. Kí ló dé tí kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ gbogbo 10,000 yẹn di àdììtú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó wá wo èyí tó bá ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ mu? Kò ní nílò kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rárá. Ihò yìí wà lóòótọ́, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bí nọ́ńbà báńkì ti gùn tó. Ohun tí wọ́n fi dí i ni pé kí fóònù yín tó sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, ó máa ń po nọ́ńbà tó ṣà láìròtẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àdììtú méjì tí kò jọra ni yóò jáde. Ìdí pàtàkì nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń kọ áàpù pé kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ ara wọn hun irú ìṣirò yìí. Ìṣirò náà lè péye, kí ihò ṣì wà lára bí wọ́n ṣe lò ó.

Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì yìí ni wọ́n fi ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti báńkì. Ó lọ́ra jù fún un. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò ó, kí fóònù àti báńkì lè jọ ní nọ́ńbà àṣírí kan, èyí tó wá di kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ti àtijọ́ tó ń tì tó sì ń ṣí. Òun ló ń gbé ìyókù, ó sì yá gan-an. Bí ẹ bá jáde, wọ́n á jù ú nù. Bí ẹ bá padà wá lọ́la, òmíràn ni wọn yóò mú.

Láyé àkọ́kọ́, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú 8 àti 6 gan-an ni fóònù ṣe ń fi nọ́ńbà àṣírí náà ránṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé olè tó ní sùúrù lè da gbogbo àdììtú náà kọ sílẹ̀ lónìí, kí ó tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọjọ́ tí ó bá jí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ báńkì, gbogbo ohun tó ti kó jọ á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni òfin ìbánisọ̀rọ̀ tí ìkànnì ń lò báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní `TLS 1.3`, tó jáde ní 2018, fi mú ọ̀nà yẹn kúrò. Ọ̀nà tí Diffie àti Hellman kọ́kọ́ fi hàn ni wọ́n ń lò níbẹ̀: fóònù dá nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tuntun, báńkì náà dá tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi èyí tí wọ́n ti ṣírò láti inú tirẹ̀ ránṣẹ́ ní gbangba, àwọn méjèèjì sì gúnlẹ̀ sórí nọ́ńbà kan náà tí olè kò lè dé. Tí ọ̀rọ̀ bá parí, wọ́n á pa nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wọn rẹ́. Kò ní sí kọ́kọ́rọ́ kankan nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè jí lọ́dún márùn-ún òní.

Kí wá ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ báńkì kù fún? Ó kù fún ohun tó ṣòro jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Nítorí ìṣirò tí a ti ṣe kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ olè tó jókòó sáàárín. Bí olè bá ní agbára lórí Wáífáì tí ẹ ń lò, kò ní jókòó kó máa tú nọ́ńbà. Yóò mú kọ́kọ́rọ́ gbangba tirẹ̀ fún yín, yóò ní ti báńkì nìyí. Ẹ̀yin á sọ ọ̀rọ̀ yín di àdììtú fún olè, olè á ṣí i, á kà á, á tún un dì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ báńkì, á sì fi ránṣẹ́ síwájú. Owó á lọ, èsì á dé, kò sì ní sí ohun tó jọ pé nǹkan ṣe. Àṣírí yín wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé, àfi lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń sá fún.

Ohun tó yọ wá ni pé kọ́kọ́rọ́ méjì yẹn ṣeé dorí rẹ̀ kodò. Báńkì lè kọ́kọ́ fi 7 ìkọ̀kọ̀ ṣe iṣẹ́ lórí nọ́ńbà kan, kí gbogbo ayé sì fi 3 gbangba yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní nọ́ńbà 9 ni. Bí báńkì bá sọ 9 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀meje, tó ń yọ 22 lọ bí a ti ṣe, 15 ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi 9 àti 15 ránṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀yin mú 15: 15 lọ́nà 15 jẹ́ 225, ó ku 5. 5 lọ́nà 15 jẹ́ 75, ó ku 9. Ó bára mu. Ẹni tí kò ní 7 kò lè ṣe 15 jáde fún 9, àfi tó bá kàn ṣe kòńgẹ́. Nígbà tí nọ́ńbà sì gùn tó 617, a kò lè fọkàn sí kòńgẹ́. Ìbuwọ́lù nìyẹn, kò sì dà bí ìbuwọ́lù orí ìwé tí ẹlòmíràn lè fara wé, nítorí ó ń yí padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù. Ẹ yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò ní bára mu mọ́.

Pẹ̀lú ìbuwọ́lù yìí ni wọ́n fi gbé ètò onídùúró kalẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣe onídùúró fún ìkànnì. Kọ́kọ́rọ́ gbangba wọn ti wà nínú fóònù yín láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, pẹ̀lú áàpù tí ẹ fi ń wo ìntánẹ́ẹ̀tì. Báńkì lọ bá ọ̀kan nínú wọn, ó fi hàn pé òun ló ni àdírẹ́sì òun, onídùúró náà sì buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí kan tó sọ pé: àdírẹ́sì yìí, kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀ nìyí, ọjọ́ tí ìwé yìí yóò kásẹ̀ nílẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ bá ṣí ìkànnì báńkì, ìwé ẹ̀rí yìí ló kọ́kọ́ dé. Fóònù yẹ ìbuwọ́lù onídùúró wò, ó yẹ àdírẹ́sì wò, ó yẹ ọjọ́ wò, ó sì ní kí báńkì fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ buwọ́ lu ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Olè lè ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà, nítorí gbangba ni ó wà, ṣùgbọ́n kò ní lè ṣe ìbuwọ́lù tó kẹ́yìn yìí. Gbogbo èyí kì í gbà ju bíi ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Onídùúró náà lè kùnà, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2011, ẹnì kan wọ inú kọ̀ǹpútà DigiNotar, ilé-iṣẹ́ onídùúró kan ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ náà buwọ́ lu ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé ẹ̀rí irọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ fún àdírẹ́sì Google. Wọ́n lò ó fún àwọn ènìyàn ní Iran: bí wọ́n bá ṣí méèlì wọn, ẹni tó wà láàárín ló ń gba ọ̀rọ̀ náà, ohun gbogbo sì ń hàn bí ojúlówó nítorí ìbuwọ́lù onídùúró bára mu. Nǹkan bíi 300,000 àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ló kan. Ohun tó tú àṣírí náà ni pé àwọn tó ṣe Chrome ti kọ kọ́kọ́rọ́ tí Google ń lò sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ mìíràn yọjú, Chrome pariwo, ẹnì kan ní Iran sì gbé ìkìlọ̀ tó rí jáde fún gbogbo ayé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n yọ DigiNotar kúrò lára onídùúró tí kọ̀ǹpútà ń gbà gbọ́, ó sì wọko gbèsè nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Látìgbà náà ni wọ́n ti dá ìwé àkọsílẹ̀ gbangba sílẹ̀, tí àwọn onídùúró ń kọ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá buwọ́ lù sí, kí ẹni tó ni àdírẹ́sì lè rí i bí ẹnikẹ́ni bá gba ìwé ẹ̀rí lórúkọ rẹ̀.

Ohun tó ń pa oníbàárà báńkì lára lónìí kì í sábà jẹ́ irú èyí. Ohun tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Onídùúró kò jẹ́rìí pé ẹni tó ni ìkànnì jẹ́ olóòótọ́. Ohun tí ó jẹ́rìí sí ni pé ẹni yìí ló ni àdírẹ́sì yìí. Àwọn onídùúró kan sì ń fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó dára fún gbogbo wa. Nítorí náà gbájú-ẹ̀ tó ra àdírẹ́sì tó jọ ti báńkì yín á gba ìwé ẹ̀rí tó péye, àmì àgádágodo á yọ, `https://` á wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín á sì di àdììtú tí ẹnikẹ́ni kò lè tú títí tí yóò fi dé ọwọ́ gbájú-ẹ̀ náà láyọ̀.

Ẹ wo àdírẹ́sì méjì yìí dáadáa:

```
https://banki.example/wole
https://banki.example.iranlowo.test/wole
```

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka àdírẹ́sì láti ọwọ́ òsì, tí wọ́n bá sì ti rí orúkọ báńkì níbẹ̀rẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ fojú wá àmì `/` tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé `https://` àti orúkọ, kí ẹ wá padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó ni `banki.example` ni ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ti kejì, ẹni tó ni `iranlowo.test` ni, orúkọ báńkì tó wà níwájú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ẹni yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀. Kò sí onídùúró tó ní kó máà kọ ọ́. Ibi tí iṣẹ́ ìṣirò parí sí nìyí, tí ojú yín sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ tí fóònù máa ń gbé jáde náà yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Bí Chrome bá kọ `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`, ọjọ́ ìwé ẹ̀rí kò bá ọjọ́ fóònù yín mu. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá aago àti ọjọ́ fóònù yín ló yí padà, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kọ `NET::ERR_CERT_COMMON_NAME_INVALID`, ìwé ẹ̀rí tó dé jẹ́ ti àdírẹ́sì mìíràn. `NET::ERR_CERT_AUTHORITY_INVALID` ló burú jù nínú wọn: ẹnì kan fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí onídùúró tí fóònù mọ̀ tó buwọ́ lù ú. Bí ẹni tó jókòó sáàárín ṣe máa ń hàn gan-an nìyẹn. Wáífáì òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti pápákọ̀ òfurufú tí ẹ kò tíì wọlé sí lè fa irú rẹ̀ láìsí olè níbẹ̀, ṣùgbọ́n fún báńkì, ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnnì tó ní kí ẹ tẹ̀síwájú. Ẹ pa Wáífáì náà, ẹ lo dátà fóònù yín, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí ìkìlọ̀ náà bá lọ, Wáífáì yẹn ni ìṣòro wà. Bí ó bá ṣì dúró tí ọjọ́ fóònù yín sì péye, ẹ fi ìkànnì náà sílẹ̀ títí ẹ óò fi bá báńkì sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá sì ti tẹ páásíwọ̀ọ̀dù sórí ojú ìwé tí ìkìlọ̀ ti yọ, tàbí tí ẹ wá rí i lẹ́yìn náà pé àdírẹ́sì rẹ̀ kì í ṣe ti báńkì, ẹ kà á sí pé páásíwọ̀ọ̀dù náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, kì í ṣe èyí tó wà lórí ojú ìwé náà, kí báńkì dá àkáǹtì yín dúró, kí ẹ sì pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù láti inú áàpù tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń lo páásíwọ̀ọ̀dù kan náà fún méèlì yín, ti méèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìwé tí wọ́n fi ń yí páásíwọ̀ọ̀dù padà máa ń dé sí.